Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gba B.Eng, àbúrò mi ti ń gba owó oṣù tipẹ́

Ọdún 2013 ni mo jáde ní sẹ́kọ́ńdírì, ọdún 2024 ni mo tó gba sàtífíkéètì B.Eng. Ẹ bá mi kà á. Ọdún mọ́kànlá gbáko. Mi ò rípíìtì kíláàsì kankan o, mi ò sì jókòó sílé lásán ju ọdún kan àbọ̀ lọ, gbogbo ọdún yòókù ilé ìwé ni mo wà tàbí mò ń dúró de ilé ìwé. Àbúrò mi obìnrin tó jáde ní 2016, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni òun lọ, NCE ló ṣe, lọ́dún 2019 tí mo ṣì ń bẹ màámi kí wọ́n fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí mi, òun ti ń ra ẹja wálé níparí oṣù.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ọmọ àǹtí mi pè mí, ó ní "Bọ̀dá mi, 167 ni JAMB fún mi, Akántìn ni mo fẹ́ ṣe, ṣé kí n gba pólì ni àbí kí n tún un kọ lọ́dún tó ń bọ̀?" Mi ò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó fún mi láyè, nítorí ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n bi mí ní 2013, ìgbéraga ni mo fi dáhùn.

Ẹlẹ́tíríkà ẹnjiníárìn ni mo fẹ́. 189 ni mo gbà, ẹ̀ka tí mo sì ń wò ní yunifásítì yẹn ò wo ojú ẹni tí kò bá ti gba ju 200 lọ dáadáa. Bàámi ní "pólì ńkọ́?" mo bojú jẹ́. Ní àdúgbò wa nígbà yẹn, tí o bá sọ pé yunifásítì lo wà, wọ́n á ní "Háà, o kú oríire o", tí o bá sọ pé pólì, wọ́n á ní "ó dáa, o ṣáà wà níléèwé". "Ṣáà" yẹn ni mo ń sá fún. Tí ẹ bá pe kọ́lẹ́ẹ̀jì sí mi létí ńkọ́, màámi tó jẹ́ tíṣà fúnra wọn ló dábàá ẹ̀, mo sì dá wọn lóhùn pé ọmọ ọkùnrin kì í lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rírùn ni, mo ti tọrọ àforíjì.

Mo jókòó sílé, mo lọ tùtóríà, mo tún JAMB kọ ní 2014, 203. Ẹ̀ka ẹnjiníárìn ò tún gbà mí. Yunifásítì yẹn fún mi ní Fíṣíìsì ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń ṣe tíṣà, mo ní láéláé. Mo wọlé sórí pọ́tà JAMB mo ṣe pààrọ̀ ilé ìwé lọ sí pólì, inú mi ò dùn rárá.

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nígbà yẹn. Máàkì tí JAMB máa ń kéde lọ́dọọdún, géètì ọgbà lásán ni. Ní 2025, 150 ni wọ́n fi sí yunifásítì, wọ́n fi 100 sí pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọ tó gba 167 á wá máa yọ̀ pé òun ti kọjá 150, àṣé ilẹ̀kùn ẹ̀ka tó fẹ́ wọ̀ ṣì wà nínú lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa pa máàkì JAMB pọ̀ mọ́ ti ìdánwò ilé ìwé fúnra wọn, àwọn míì á tún ka èsì WAEC mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tò wọ́n láti òkè bọ̀ wá sísàlẹ̀ tí wọ́n á sì gé e níbi tí àyè bá parí. Ilẹ̀kùn yẹn ga gan-an fún ìmọ̀ òfin, ìṣègùn, ẹnjiníárìn, nọ́ọ̀sì, àti akántìn náà. Lọ́pọ̀ pólì, ilẹ̀kùn kọ́ọ̀sì kan náà kì í ga tó bẹ́ẹ̀.

Oṣù kìíní 2015 la bẹ̀rẹ̀ ND. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ rí ewu ni pé oríṣi akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló wà nínú kíláàsì kan náà, àwa tá a gba JAMB wọlé, à ń pè wá ní fúltáìmù, àti àwọn tó ra fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ pólì fúnra ẹ̀, wọ́n ń pè wọ́n ní DPT, ìyẹn páátáìmù ojoojúmọ́. Wọ́n ń wá síléèwé lójoojúmọ́ bíi tiwa. Lẹ́kọ́ràá kan náà, wákàtí kan náà, ìdánwò kan náà. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń gbé rúùmù, DPT ni òun, kò tiẹ̀ kọ JAMB rí láyé ẹ̀, ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo fi ọdún méjì ṣòfò lórí ohun tí òun fi owó gbà lọ́sẹ̀ kan. Mo máa ń rò pé ó gbọ́n jù mí lọ.

Ìgbà tá a ṣe tán ló hàn. Ó fẹ́ gba fọ́ọ̀mù dáírẹ́ẹ̀tì ẹ́ńtìrì tí wọ́n ń pè ní DE lọ sí yunifásítì, wọ́n ní kó mú lẹ́tà ìgbaniwọlé JAMB tó fi ṣe ND wá. Ibo ló ti fẹ́ rí i? Ó ní láti padà lọ ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní rẹ́gúláráísẹ́ṣọ̀n, kí pólì kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún JAMB pé àwọn gbà á wọlé láìgba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, kí JAMB tó wá fi orúkọ ẹ̀ sínú ìwé lẹ́yìn ìgbà. Ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ọ́fíìsì fún bí oṣù mẹ́sàn-án, ìgbà tó parí fọ́ọ̀mù ọdún yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni JAMB tún wá le sí i, torí ayédèrú sàtífíkéètì tí àwọn kan ń fi gba DE. Ẹni tó bá sì ṣe HND páátáìmù kò ní lọ sin ilẹ̀ baba ẹ̀, NYSC ò ní kó o, lẹ́tà ẹ́sikilúṣọ̀n ni wọ́n máa fún un. Lẹ́tà yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o, òfin mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀gá ibi iṣẹ́ tó wò ó tó ní "kí lèyí?" tó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Torí náà ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ọmọ tó bá sọ fún mi pé pólì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì ti gba òun ni pé, ṣé orúkọ ẹ wà lórí CAPS? CAPS ni ojú ìwé tí JAMB fi ń gbani wọlé, ibẹ̀ lo ti máa tẹ̀ ẹ́ pé o gbà. Tí kò bá sí níbẹ̀, kò tíì wọlé, bó ti wù kí owó tó san pọ̀ tó.

ND fúnra ẹ̀ dùn, mi ò ní purọ́. Ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ti kó wa lọ sí wọ́kìṣọ́ọ̀bù, a ń wáyà pákó, a ń gé páìpù kọ́ńdúìtì, a tú mọ́tò iná tó jóná a sì tún un wé. Kí n tó parí mo ti ń wáyà ilé fún àwọn ará ìjọ wa, owó yẹn ni mo fi ra lápútọ́ọ̀pù. Gíréèdì ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Nínú 4.00 ni wọ́n ń kà á, 3.50 sókè ni dìsìtíńṣọ̀n, 3.00 ni ọ́pà kírẹ́díìtì, 2.50 ni lówà kírẹ́díìtì, 2.00 ni páàsì. Lówà kírẹ́díìtì máa gbé ọ wọ HND tí o bá ti ṣe IT ọdún kan, ìyẹn iṣẹ́ kíkọ́ níléeṣẹ́. Páàsì, wọ́n á ní kó o kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún méjì ó kéré tán. Ṣùgbọ́n yunifásítì tó ń gba ND fún ẹnjiníárìn, ọ́pà kírẹ́díìtì ni ọ̀pọ̀ wọn ń bèèrè. Mo gba 2.71 ní sáà àkọ́kọ́ torí mo ń bínú sí ilé ìwé, ìgbà tí ẹnì kan jókòó tì mí tó sọ ohun tí máàkì yẹn túmọ̀ sí ni mo tó jí, mo parí sí 3.21.

Ibi oríta gan-an nìyí, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣi ọ̀nà. Tí o bá parí ND, o lè ṣe IT ọdún kan kó o padà wá ṣe HND ọdún méjì, ìyẹn ọdún márùn-ún lápapọ̀. Tàbí kó o gba DE lọ sí yunifásítì, wọ́n á gbé ọ sí 200 lẹ́fù, ẹnjiníárìn sì jẹ́ ọdún márùn-ún, torí náà ọdún mẹ́rin ló kù fún ẹ, ìyẹn ọdún mẹ́fà tí kò bá sí ìdádúró kankan. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé DE ń dín ọdún kù. Ọdún kan péré ló ń yọ kúrò nínú ti yunifásítì, ọdún méjì lo sì ti lò ní pólì kó o tó débẹ̀. Tó bá jẹ́ kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rin ni, ìyẹn á jẹ́ ọdún márùn-ún, ó bá HND dọ́gba. Ohun míì ni pé HND ló ń bèèrè IT, DE ò bèèrè ẹ̀. Mi ò mọ̀. Mo ṣe IT látoṣù kìíní sí oṣù kejìlá 2017, mo rò pé dandan ni.

Ọdún 2017 yẹn náà ni mo gba fọ́ọ̀mù DE àkọ́kọ́. Mo mú yunifásítì tí mo ti ń lálàá ẹ̀ láti 2013, mi ò ka nǹkan kan, mo ṣáà kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ pè mí. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì wọn wá sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé "Àbúrò, ẹ̀ka yìí ò gba ND, Éè-lẹ́fù nìkan la ń gbà." Ó wà nínú ìwé. Ó ti wà nínú bróṣọ̀ JAMB láti ọjọ́ pípẹ́, ẹnikẹ́ni ló lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ibass.jamb.gov.ng, o máa mú ilé ìwé, o máa mú kọ́ọ̀sì, o máa wá wo ibi tí wọ́n kọ direct entry sí, tí wọn ò bá dárúkọ ND tàbí NCE níbẹ̀, má san kọ́bọ̀. Ọdún kan lọ bẹ́ẹ̀. Mo tún wá mọ̀ pé o ò lè gba fọ́ọ̀mù DE àti ti UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB, lọ́dún kan náà, ọ̀kan lo máa mú, torí náà ẹni tó bá ṣi DE mú ti pàdánù ọdún yẹn nìyẹn.

2018 mo kà á dáadáa, mo mú ilé ìwé tó gba ọ́pà kírẹ́díìtì, mo san owó tíránsíkíríìtì lásìkò kí pólì lè fi ránṣẹ́, wọ́n gbà mí. Oṣù kìíní 2019 mo wọ 200 lẹ́fù.

Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ nípa máàtì fún mi. Ní pólì, wọ́n á kọ́ ẹ ní fọ́múlà, o máa fi nọ́ńbà sí i, ìdáhùn á jáde. Lẹ́kọ́ràá tí mo bá ní 200 lẹ́fù kò tiẹ̀ kọ nọ́ńbà sórí bọ́ọ̀dù, kí o fi hàn pé fọ́múlà náà jẹ́ òótọ́ ni òun ń bèèrè. Àwọn tó wá láti 100 lẹ́fù ti fi ọdún kan gbáko kọ́ kálíkúlọ́ọ̀sì àti fẹ́kítọ̀, èmi wá já sí àárín ọjà. Mo gbé F nínú máàtì sáà àkọ́kọ́, èmi tí mo gba A ní máàtì pólì. Tí a bá wá wọ láàbù, ìtàn á yí padà, àwa méjìlá ni a máa yí ẹ̀rọ ọsilosikóòpù kan ká, tí kò bá sí ẹni tó ti pólì wá, kò sẹ́ni tó máa mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án. Wọ́n tún ní ká padà lọ ṣe àwọn kọ́ọ̀sì gbogbogbò GST ti 100 lẹ́fù tá a fò, yúnìtì 24 sì ni òkè ohun tí èèyàn lè rù ní sáà kan, torí náà ẹni tó gbé F, tó sì ní kọ́ọ̀sì 100 lẹ́fù láti san, tí kò bá ṣírò ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, á rí ọdún tó lé láìròtẹ́lẹ̀. Mo fi ìsinmi gígùn ka ìwé máàtì 100 lẹ́fù láti ojú ewé àkọ́kọ́, ìyẹn ló gbà mí. Tí mo bá mọ̀ ni, ọdún IT yẹn gan-an ni ǹ bá ti máa kà á lálaalẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìyanṣẹ́lódì dé. Oṣù kẹta 2020 ni ASUU lọ, wọn ò padà títí di oṣù kejìlá, Kòrónà náà wà níbẹ̀. A padà, a sáré díẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù kejì 2022 wọ́n tún lọ, oṣù mẹ́jọ. Mi ò bá àwọn lẹ́kọ́ràá jà o, ohun tí wọ́n ń bèèrè mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń mú yunifásítì ìjọba kí ó fi ọdún kan ó kéré tán kún ohun tí wọ́n kọ sínú bróṣọ̀. Pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ń yanṣẹ́ lódì, ASUP tàwọn lẹ́kọ́ràá pólì lọ fún bí oṣù méjì ní 2021, ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún tí èmi fojú rí, tiwọn kì í gùn tó ti yunifásítì. Ojú mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọjọ́ orí. Ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó jáde, NYSC ò ní kó o, lẹ́tà ẹgisẹ́mṣọ̀n ni wọ́n á fún un. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo jáde ní sẹ́kọ́ńdírì, mo pé méjìdínlọ́gbọ̀n kí n tó wọ káńpù. Àwọn kan ní páńtúùn mi ń pè mí ní "Dádì".

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó dúró sí pólì. Ẹnì kan wà tá a jọ ṣe IT ní ibì kan náà, òun padà ṣe HND ní 2018, ó parí lẹ́yìn ọdún méjì, Kòrónà dá òun náà dúró torí NYSC ti káńpù pa ní oṣù kẹta 2020, wọn ò ṣí i títí di oṣù kọkànlá, ó sin ilẹ̀ baba ẹ̀ tán ní 2021. Ọdún mẹ́ta gbáko kí n tó jáde, ó ti ń ṣiṣẹ́ sólà, ó ń fi bátìrì àti ínfátà sílé àwọn èèyàn, ó sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ títí di òní. Nígbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ ní COREN, èyí tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹnjiníà lórílẹ̀-èdè wa, ẹnjiníárìn tẹkinọ́lọ́jíìsì ni wọ́n kọ ọ́ sí, torí HND ló mú wá, B.Eng ni wọ́n ń kọ sí ẹnjiníà. Fún ẹni tó ń fi sólà sílé, kò já mọ́ nǹkan kan, kò sí oníbàárà tó bèèrè ẹ̀ rí. Ìgbà tó fẹ́ ṣe másítà ló tó rí i, yunifásítì ní kó kọ́kọ́ ṣe PGD ọdún kan. Ó ń ṣe é lọ́wọ́ báyìí, òun àti iṣẹ́. Tí mo bá ṣírò ọdún tirẹ̀ mọ́ temi, kódà pẹ̀lú PGD yẹn, ó ṣì jù mí lọ, ó sì ti ní owó ọdún mẹ́ta lápò.

Kí n má purọ́, HND kì í jẹ níbi gbogbo. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n kọ ọ́ gbangba sínú ìpolówó iṣẹ́ pé B.Sc tàbí B.Eng nìkan, báńkì kan ní kí ọ̀rẹ́ mi yìí má wulẹ̀ wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ariwo lórí ẹ̀ ti pẹ́, mi ò sì ní sọ fún ọmọ kankan pé kó fọkàn sí i pé ó máa tán kí òun tó jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá ìpolówó iṣẹ́ márùn-ún ti iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe, kí wọ́n ka ohun tó ń bèèrè, kí wọ́n tó ra fọ́ọ̀mù ilé ìwé èyíkéyìí.

Àbúrò mi ńkọ́? Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ló ṣe ní NCE, ọdún mẹ́ta. Màámi ló mú un lọ, kò sì janpata bíi tèmi, ó ti fẹ́ràn kíkọ́ ọmọ láti kékeré, àwọn dọ́ọ̀lù ẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ́. Ọdún kẹta ni wọ́n rán wọn lọ fún TP, sáà kan odidi ní ilé ìwé gidi, o máa kọ nóòtù ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́, súpáfáísọ̀ á sì ṣàdédé yọ lẹ́yìn kíláàsì láìsọ fún ẹ. Ó máa ń pè mí tẹkúntẹkún. Ṣùgbọ́n ilé ìwé aládàáni tó ti ṣe TP yẹn gan-an ló ní kó padà wá, ₦18,000 lóṣù. Owó kékeré ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n èmi ò ní ₦1 tó jẹ́ tèmi lóṣù nígbà yẹn. NCE ni ìwé tó kéré jù tí òfin fi ń pe èèyàn ní tíṣà, ó fi forúkọ sílẹ̀ ní TRCN, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tíṣà, ní 2021 tí SUBEB ìpínlẹ̀ wa gba tíṣà sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó wọlé. SUBEB ń gba NCE. Tó bá jẹ́ sẹ́kọ́ńdírì ìjọba ló fẹ́ ni, dígírì ni wọ́n sábà máa ń bèèrè.

Ìyẹn ló mú kó wá dígírì. Ibẹ̀ ni ìwé WAEC ẹ̀ ti fẹ́ ṣe é léṣe, torí D7 ló ní ní Máàtì, kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà á wọlé bẹ́ẹ̀ torí èdè ló fẹ́ kà, ṣùgbọ́n yunifásítì tó fẹ́ lọ ní kírẹ́díìtì ni àwọn fẹ́. Orí ló yọ ọ́, màámi ti fipá mú un jókòó ṣe NECO nígbà tó wà ní ọdún kejì, ó gba C6, wọ́n sì gba ìjókòó méjì. Sáńwíìṣì ló ṣe, ìyẹn èyí tí wọ́n ń ṣe nígbà ìsinmi gígùn, tí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá ti pa, yóò di ẹrù ẹ̀ lọ sí yunifásítì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tó bá padà dé yóò máa kọ́ ọmọ lọ. Sáńwíìṣì ò lọ NYSC, kò sì kàn án, ó ti wà nínú iṣẹ́ ìjọba. Ó fi owó oṣù ẹ̀ san gbogbo ẹ̀. Ọdún tí mo gba tèmi lòun náà gba tirẹ̀.

Ibi tí NCE ti ń di èèyàn lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ ìròyìn lọmọ yẹn fẹ́, Mass Comm, JAMB rẹ̀ ò tó, ẹnì kan ní "lọ ṣe NCE kó o fi gba DE lọ síbẹ̀". Ó ṣe ọdún mẹ́ta, ó gba kírẹ́díìtì, kò wá rí yunifásítì kan láàárín àwọn tó ń wò tó gba NCE Gẹ̀ẹ́sì fún kọ́ọ̀sì yẹn. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni NCE ṣílẹ̀kùn sí jù, lórí ohun tó o kà tẹ́lẹ̀. Ó padà kọ UTME bí ọmọ SS3, ó bẹ̀rẹ̀ láti 100 lẹ́fù. NCE ò sì lọ NYSC lásìkò yìí, torí náà kò tiẹ̀ rí àyè àgùnbánirọ̀ fi mí díẹ̀. Tí kò bá wù ẹ́ láti dúró níwájú kíláàsì, má fi kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe àtẹ̀gùn.

Ó dáa, ọmọ àǹtí mi. Mo pè é padà lọ́jọ́ kẹta. Mo ní akántìn lo fẹ́, ṣé ìdánwò ICAN, ti ẹgbẹ́ àwọn akántìn, lo fẹ́ kọ lọ́jọ́ iwájú? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ICAN ń gba HND Akántìn bó ṣe ń gba B.Sc, o sì lè bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ATSWA wọn nígbà tó o ṣì wà ní ND, kò ní kó o dúró de dígírì kankan. Ó ní ṣùgbọ́n yunifásítì kan ti fi Ẹ̀kọ́ Àgbà lọ òun, màámi òun sì ní kí òun ṣáà gbà á, yunifásítì ṣáà ni. Mo rẹ́rìn-ín, torí mo rántí Fíṣíìsì mi. Mo bi í léèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú Ẹ̀kọ́ Àgbà, kò mọ̀. Mo ní kó ka bróṣọ̀ ẹ̀ kó padà pè mí, tó bá wù ú lẹ́yìn tó kà á, kó gbà á tayọ̀tayọ̀.

Ó kà á. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló fi fọ́tò ojú fóònù ẹ̀ ránṣẹ́, ó fi àmì yí ìlà méjì ká, ó ní pólì kan wà nítòsí tó gba Akántìn fúltáìmù, fọ́ọ̀mù ìdánwò wọn sì máa parí lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní wọ́n tún ní DPT tí kò bèèrè JAMB, òun lè bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo kọ ọ́ padà ní lẹ́tà ńláńlá pé RÁRÁ, mo wá fi ohùn sọ ìtàn rúmméètì mi fún un, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ó ra ti fúltáìmù lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, orúkọ ẹ̀ la ń retí lórí CAPS báyìí.

Àǹtí mi ò tíì gbé fóònù mi láti ọjọ́ náà.